Obì ló gbé Haúsá dé Gánà: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa bí èdè ọjà ṣe ń tàn

Ní àdúgbò àlejò tí wọ́n ń pè ní Sóńgò nílùú Kùmásì, lórílẹ̀-èdè Gánà, ẹ ó gbọ́ Haúsá lẹ́nu ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mọ́sì láti Bùkínà Fasò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ìyá rẹ̀ ti Tógò wá, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọ Haúsá gan-an kọ́ ló pọ̀ jù láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé àwọn tó ni èdè ló ń tan èdè kálẹ̀. Ìtàn Haúsá ní Gánà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fi dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ni ẹ ń pè ní èdè àjùmọ̀lò?

Èdè tí ẹni méjì tí èdè abínibí wọn yàtọ̀ síra jọ ń lò láti gbọ́ ara wọn yé ni. Ó lè jẹ́ èdè abínibí ẹnì kan nínú wọn, ó sì lè má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Irú kejì yìí ni kẹ́ ẹ fojú sí. Tí Mọ́sì bá sọ Haúsá fún Haúsá, ìyẹn kò ju pé àlejò kọ́ èdè onílé. Àmọ́ tí Mọ́sì bá sọ Haúsá fún Dàgọ́ńbà, ará àríwá Gánà, tí kò sí Haúsá kankan nítòsí, èdè náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó ti di ti ọjà. Ìgbà yẹn ló máa ń tàn kíákíá.

Báwo ni Haúsá ṣe kúrò ní ilẹ̀ Kánò dé etí igbó Àṣáńtì?

Ó tẹ̀ lé obì lọ. Kì í ṣe obì àbàtà tiwa tó ń là sí mẹ́ta, mẹ́rin, bí kò ṣe obì gbànja aláwẹ́ méjì. Gbànja yìí ni àwọn ará òkè Ọya ń jẹ, inú igbó Àṣáńtì ni wọ́n sì ti ń rí i nígbà náà. Ilẹ̀ Kánò kò lè hù ú, nítorí òjò ibẹ̀ kò tó.

Òwò náà ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló di ńlá. Lẹ́yìn ogun jìháàdì Usumáànù Dan Fódíò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, ọ̀nà láàárín àwọn ìlú abẹ́ Sókótó fẹ̀ sí i, àwọn tó ń jẹ obì sì pọ̀ sí i. Ẹ̀sìn kò gba ọtí, kò sì ka obì léèwọ̀, nítorí náà obì ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, òun ni wọ́n ń pín níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Àwọn oníṣòwò Kánò àti agbègbè rẹ̀ á kóra jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á di káún, aṣọ àti awọ ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n á kó ẹrú náà mọ́ ọn, nítorí òwò ẹrú wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí tí kò mẹ́nu bà á kò sọ ọ́ tán. Aṣáájú kan tí wọ́n ń pè ní màdúgù ló ń darí wọn. Lílọ àti bíbọ̀ lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjà tí wọ́n ń lọ ni Sàlágà, ní ilẹ̀ Gọ̀ńjà, tó wà ní apá àríwá Gánà òde òní. Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ọba Àṣáńtì kò fẹ́ kí oníṣòwò àríwá kọjá ibẹ̀ wọnú igbó. Àwọn èèyàn tiwọn ni wọ́n ń rán láti gbé obì jáde wá, wọ́n sì ń ta á fún àlejò ní etí igbó. Títí di 1874, nígbà tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó wọ Kùmásì, olú ìlú Àṣáńtì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ rántí ìdínà yìí dáadáa, nítorí tí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kálukú ì bá wọ oko lọ rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ ì bá sì máa fi Tíwì, èdè Àṣáńtì, ná an lówó. Ìdínà ló mú kí gbogbo ayé pàdé sójú kan.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an tí oníṣòwò bá wọ Sàlágà?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin Mọ́sì kan da màlúù mélòó kan wá láti ìhà Wàgàdúgù. Òun gbọ́ Mọ́sì nìkan. Àwọn onílẹ̀ Sàlágà ń sọ Gọ̀ńjà. Àwọn tó gbé obì wá ń sọ Tíwì. Ẹni tó fẹ́ ra màlúù lè jẹ́ Dàgọ́ńbà, aṣọ tóun fẹ́ rà bọ̀ wálé sì wà lọ́wọ́ ará Kánò. Kò ní ilé níbẹ̀, kò mọ ẹni tí kì í san gbèsè, kò mọ iye tí wọ́n ta màlúù lánàá.

Ilé màígídá ló ń wọ̀ sí. Màígídá ni onílé tó ń gba àwọn oníṣòwò sílé. Haúsá ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn kì í ṣe Haúsá, ṣùgbọ́n Haúsá ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà. Màígídá á fún un ní yàrá, á fún un lóúnjẹ, á sì bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀. Kì í gba owó yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọjà tí àlejò bá tà ló ti ń rí tirẹ̀, nítorí òun ló ń wá oníbàárà, òun ló sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ tí wọ́n bá rà á láwìn. Tí ẹni tó rà á bá sá lọ, ọ̀dọ̀ màígídá ni àlejò á wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni dílálì wà, ìyẹn alágbàtà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri ọjà láti so olùtà pọ̀ mọ́ olùrà.

Ọkùnrin Mọ́sì yìí lè wà nílé náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí màlúù rẹ̀ tó tà tán. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Haúsá ni wọ́n fi ń pè é wá jẹun, Haúsá ni wọ́n fi ń kí i láàárọ̀, òun ni àwọn àlejò yòókù nínú àgbàlá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ mọ̀ ni ìkíni, nítorí ìkíni Haúsá gùn, ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ dà bí òpè. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń mọ òǹkà. Lẹ́yìn òǹkà ló ń mọ ọ̀rọ̀ ìnájà, ibẹ̀ sì lẹni tuntun ti ń ṣì í gbọ́. Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá dá iye kan lé ọjà, tí olùtà sì dá yín lóhùn pé “àlùbáríkà”, kò tíì gbà o. Ó ń sọ fún yín lọ́nà ọmọlúàbí pé owó yẹn kéré, kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹni tó bá nawọ́ sí ọjà lẹ́yìn tó gbọ́ àlùbáríkà yóò fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ohun kan tún wà nínú obì fúnra rẹ̀ tó ń mú kí èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obì kì í dúró deni. Ewé tútù ni wọ́n fi ń dì í, tí ewé bá gbẹ, obì á gbẹ, tí omi bá pọ̀ jù, á jẹrà, kòkòrò sì ń lu ú látinú. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tú ẹrù, tí wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, tí wọ́n ń pààrọ̀ ewé. Nítorí náà wọn kì í rà á bíi tẹni tó ń ra iyọ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe tóbi sí, bó ṣe pupa tàbí funfun sí, ọjọ́ tí wọ́n já a, àti ẹni tó máa ru gbèsè tó bá bàjẹ́ lọ́nà. Òwò tí ìka àti orí jíjù tó fún kì í tan èdè. Ní tèmi, òwò tó ní àwìn nínú, tó sì ní ẹrù tó lè bàjẹ́, ló ń fipá kọ́ni lédè.

Ṣé gbogbo ẹni tó wá sọ́jà ló ní láti gbọ́ Haúsá?

Rárá. Ará Àṣáńtì tó gbé obì wá kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ni ọjà tí gbogbo ayé ń wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjọba ńlá wà, àwọn dílálì ló sì ń kọ́ Tíwì kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀. Títí dòní, Haúsá kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ láàárín àwọn tó ń sọ Tíwì, àyàfi láàárín Sóńgò nìkan. Àwọn tó kọ́ ọ ni àwọn tí kò sí ẹni tó máa kọ́ èdè tiwọn, ìyẹn àwọn àlejò tó wá láti ibi púpọ̀, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó pọ̀ tó láti sọ pé kí àwọn yòókù máa sọ tòun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Haúsá, tí kì í ṣe Wàngárà tàbí Lárúbáwá?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, nítorí ó ń tú àṣìrò kan ká. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló tan Haúsá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àlùfáà àti ilé kéwú wà ní gbogbo Sóńgò, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn níbẹ̀ sì ń gbọ́ wáàsí ní Haúsá. Ṣùgbọ́n àwọn Wàngárà, oníṣòwò ìhà Màlì tí èdè wọn bá ti àwọn Júlà tan, ti jẹ́ Mùsùlùmí tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti ń ta obì ní etí igbó yìí kí àwọn ará Kánò tó pọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan ni, tiwọn ni ì bá gborí.

Ibi tí obì ń lọ ló ya èdè méjèèjì sọ́tọ̀. Obì tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, sí apá odò Ọya tòkè lọ́hùn-ún, ọwọ́ Júlà ló wà. Èyí tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, sí Kánò àti Sókótó, ọwọ́ Haúsá ló wà. Nítorí náà, tí ẹ bá dé Kódífuà lónìí, Júlà lẹ ó máa gbọ́ lọ́jà, tí ẹ bá sì kọjá sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn Gánà, Haúsá ni. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń ṣòwò ní Abijáǹ mọ èyí dáadáa. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ Júlà àti Faransé ni wọ́n fi ń tajà níbẹ̀, nítorí ọjà Júlà ni wọ́n bá.

Ní ti èdè Lárúbáwá, ti ìwé ni. Àlùfáà fi ń kọ lẹ́tà, ó fi ń ka Kùránì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ná màlúù. Ẹnì kan wà tó lo méjèèjì, àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Alhájì Úmárù. Kánò ni wọ́n bí i sí, ìdílé oníṣòwò obì ló ti jáde, ó gbé Sàlágà, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé sì tú ìlú náà ká ní 1892, Kété Kíráṣì ló kó lọ, ìlú tó wà lábẹ́ àwọn Jámánì ní Tógò nígbà náà. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1934. Ó fi Lárúbáwá kọ̀wé, ó fi Haúsá kọ ewì nípa bí àwọn òyìnbó ṣe dé, ó sì kọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìṣe àwọn Haúsá fún òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì kan. Haúsá tó ń kọ yẹn, álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà yẹn.

Ìjọba òyìnbó ńkọ́? Ṣé wọn kọ́ ló tàn án?

Wọ́n bá a lójú ọ̀nà, wọ́n wá tì í síwájú. Ní Èkó ni apá yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gólóbà, gómìnà tí àwọn àgbà Èkó kò gbàgbé, kó àwọn ẹrú tó sá àsálà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Haúsá, jọ ní 1863, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Nígbà ogun Àṣáńtì ní 1873 sí 1874, wọ́n kó lára wọn lọ sí Gánà, ara wọn náà ni wọ́n sì fi dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ológun sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ náà, “Haúsá”, wá di orúkọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn, Haúsá ni wọ́n ń pè é, kódà tó bá jẹ́ Nupé tàbí Ìbàrìbá.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ ogun láti àríwá Gánà, àwọn Mọ́sì, Dàgọ́ńbà, Fàráfàrá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ọ̀gá òyìnbó tó lè kọ́ gbogbo èdè wọn. Haúsá ni wọ́n ń lò nínú bárékè, àwọn ọ̀gá náà sì ń ṣe ìdánwò Haúsá. Ọmọkùnrin tí kò rí màígídá rí láyé rẹ̀ yóò wọṣẹ́ ológun, yóò lo ọdún mélòó kan, yóò sì padà sí abúlé rẹ̀ pẹ̀lú Haúsá lẹ́nu. Irú Haúsá bẹ́ẹ̀, tó kún fún àṣẹ àti èébú, ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn Haúsá gidi: bàríkáńsì, ìyẹn èdè inú bárékè.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìjọba lè kó èèyàn jọ, kò lè mú kí wọ́n fi èdè kan tọ́mọ. Àwọn tó fi Haúsá tọ́mọ ni àwọn ará Sóńgò. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó gba Kùmásì ní 1896, ọ̀nà igbó ṣí pátápátá, gbogbo àwọn àlejò tí wọ́n ti dá dúró sí Sàlágà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú. Sóńgò wọn gbòòrò, ó ní olórí tirẹ̀, ọkùnrin Mọ́sì ń fẹ́ obìnrin Kòtòkólì, Sàbàrúmà ń fẹ́ Dàgọ́ńbà. Bàbá kò gbọ́ èdè ìyá, ìyá kò gbọ́ ti bàbá. Haúsá ni wọ́n jọ mọ̀, òun náà ló sì di èdè àkọ́kọ́ tí ọmọ gbọ́ lójúmọ́.

Ṣé Haúsá Gánà bá ti Kánò dọ́gba?

Wọ́n gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n ará Kánò á ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni yìí ti òkèèrè wá. Ọ̀nà méjì ló rọrùn jù láti fi dá a mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni akọ àti abo. Nínú Haúsá Kánò, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò tí ọkùnrin bá ti ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ti obìnrin: “yá” fún ọkùnrin, “tá” fún obìnrin. Kì í ṣe èèyàn nìkan, ilé wà ní ìhà akọ, mọ́tò wà ní ìhà abo, ó sì gbọ́dọ̀ hàn nínú gbogbo gbólóhùn. Ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ kò ní irú èyí, bí àwa tí “ó” kan ṣoṣo tó fún lọ́kùnrin àti lóbìnrin, máa ń gbàgbé rẹ̀. Ní Gánà, àwọn tó gbàgbé pọ̀ ju àwọn tó rántí lọ, àwọn ọmọ sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òbí wọn. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ a máa fi ti akọ pe gbogbo rẹ̀.

Èkejì ni àwọn ohùn kan tí Haúsá Kánò ń fà wọ inú tàbí tí wọ́n ń já mọ́ ọ̀fun, irú “b”, “d” àti “k” kan tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Gánà wọ́n sábà máa ń pè wọ́n bíi “b”, “d”, “k” lásán. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ ní Kánò lè wá dún bákan náà níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á sì fi ìyókù ọ̀rọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Àwọn Haúsá ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹnu bẹ́ẹ̀, gwáráńsì, wọ́n sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kò rí ohun ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ púpọ̀. Ohun tó bọ́ lára èdè náà ni ohun tó ṣòro fún àlejò láti kọ́, tí ọjà kò sì nílò. Òǹkà kò bọ́. Ìkíni kò bọ́. Ọ̀rọ̀ ìnájà kò bọ́.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Sábó wà n'Ìbàdàn láti 1916 tí àwọn ará Ìbàdàn kò sì gbọ́ Haúsá?

Ètò kan náà ló wà níbẹ̀ láìyàtọ̀. Sábó ní màígídá, ó ní dílálì, màlúù ń ti òkè bọ̀, obì ń ti ìsàlẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbànja ní Agége àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí rélùwéè sì ti dé Kánò ní nǹkan bí 1912, obì tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà tí obì Gánà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Sábó fi wà ní Ṣàgámù àti àwọn ìlú obì mìíràn.

Ohun tó yàtọ̀ ni àwọn tó yí i ká. Ní Sàlágà, èdè pọ̀, ìkankan kò lágbára ju èkejì lọ. N'Ìbàdàn, Yorùbá ni gbogbo àgbègbè náà ń sọ, láti oko obì dé ẹnu ọ̀nà Sábó. Ọmọ Ìbàdàn tó ń ta obì fún Haúsá kò nílò ju òǹkà àti ìkíni lọ, nítorí màígídá náà ti gbọ́ Yorùbá. Àwọn ará Sábó ló ń sọ èdè méjì, kì í ṣe àwa. Àmọ́ tí ẹ bá wọ inú Sábó fúnra rẹ̀, ẹ ó tún rí Sàlágà kékeré: Nupé, Kànúrí, Fúlàní àti àwọn ará Nìjẹ̀r, Haúsá ni gbogbo wọn ń bá ara wọn sọ. Èdè náà ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn àlejò, kò rí ohun tó máa ṣe láàárín àwọn onílé.

Àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò ní Gánà, èdè wo ni wọ́n sọ?

Ó sinmi lé ibi tí kálukú gbé. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Òfà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ tàn dé àwọn ọjà àríwá bíi Támálè, wọ́n ń ta aṣọ àti wọ̀ǹbílíkí. Ẹni tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ kò lè jókòó de oníbàárà tó gbọ́ Yorùbá. Ní Támálè, ó ní láti gbọ́ Dàgbánì, nítorí àwọn obìnrin ìlú ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní láti gbọ́ Haúsá fún àwọn àlejò bíi tirẹ̀. Tó bá wà ní Kùmásì, Tíwì ni. Ẹ rí i pé èdè àjùmọ̀lò kì í pa èdè ìlú, ẹni tó bá ń tajà fún onílé ní láti kọ́ ti onílé.

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Bùsíà, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Nàìjíríà tó kó ẹrù wálé. Àwọn Sóńgò pàdánù èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n Haúsá kò kúrò níbẹ̀, nítorí kì í ṣe àwọn tó lọ nìkan ló gbé e ró.

Tí gbogbo Gánà bá ń jẹ wáàké àti Haúsá kókó, ṣé ìyẹn kò fi hàn pé wọ́n ń sọ Haúsá?

Kò fi hàn. Àwọn obìnrin Sóńgò ló ń sè é, orúkọ tí wọ́n fi pè é ni gbogbo ìlú sì fi ń rà á. Ọmọ Àkírà lè jẹ ìrẹsì òun ẹ̀wà yẹn láàárọ̀ kó má mọ gbólóhùn Haúsá kan ṣoṣo. Orúkọ oúnjẹ a máa rìn jìnnà ju èdè lọ.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé èdè àjùmọ̀lò kan ti ń fà sẹ́yìn?

Ẹ má wo àwọn àgbà, ẹ má sì wo ohun tí wọ́n ń sọ nínú mọ́ṣáláṣí. Ẹ lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní Sóńgò Kùmásì, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dá ìyá àgbà lóhùn ní Haúsá, tó sì ń fi Tíwì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọmọ Àṣáńtì, wọ́n jọ ń wá iṣẹ́ kan náà, Tíwì ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn níbẹ̀. Ohun tó mú baba ńlá wọn kọ́ Haúsá, pé wọn kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ju àlejò ẹgbẹ́ wọn lọ, ti yí padà fún wọn.

Ìjọba Gánà kò fi Haúsá sínú àwọn èdè tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé, nítorí wọ́n kà á sí èdè tó ti òde wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò ìjọba ń fi ka ìròyìn. Àìsí nílé ìwé yìí kò dí i lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún méjì, nítorí náà èmi kò gbà pé òun ló ń fà á sẹ́yìn ní Kùmásì. Ẹ lọ wo Bàọ́kù, ní igun àríwá ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ẹnubodè Bùkínà Fasò àti Tógò. Ilé ìwé ibẹ̀ náà kò kọ́ni ní Haúsá. Ṣùgbọ́n Kùsáásì, Màḿpúrúsì, Mọ́sì, Bìsá àti àwọn tó ń gba ẹnubodè kọjá ló jọ ń nájà níbẹ̀, ìkankan nínú wọn kò sì ṣe tán láti gba ti èkejì. Haúsá wà níbẹ̀ gbọin-gbọin.